Mẹ́mọ́rì ni àbí SSD: èwo ló yẹ kó ṣáájú nínú kọ̀ǹpútà tó ń pẹ́ kó tó ṣí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mò ń lò: Core i5 ìran kẹjọ, mẹ́mọ́rì 8GB, díìsìkì 1TB tí mo ti lo 210GB nínú rẹ̀, Windows 11. Tí mo bá tàn án, ó ń tó ìṣẹ́jú 4 kí n tó rí i lò, Chrome àti Excel náà ń falẹ̀. Task Manager ń kọ Disk 100%, Memory 61%. Ẹnì kan ní kí n fi mẹ́mọ́rì kún un, ẹlòmíì ní SSD ni kí n rà. Owó ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n fi ṣáájú, báwo ni mo sì ṣe máa fi sí i tí fáìlì mi ò fi ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: SSD ni kí ẹ fi ṣáájú. Nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. 61% nínú 8GB kò ju nǹkan bíi 4.9GB lọ, ìyẹn ni pé ó lé ní 3GB mẹ́mọ́rì tó jókòó lásán nígbà tí díìsìkì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú. Ṣùgbọ́n kí owó tó jáde lápò, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, torí pé ọ̀nà méjì ni díìsìkì fi ń dé 100%, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ẹ̀bi mẹ́mọ́rì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ àkókò yín. Nínú díìsìkì tí ẹ ń lò, àwo pẹlẹbẹ kan ló ń yí, apá tín-ínrín kan sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti kàwé rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ giramafóònù. Ọ̀pọ̀ díìsìkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń yí ní ìgbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá yẹn máa ń lo nǹkan bíi 8 sí 9 ms kó tó dé orí ìlà tí fáìlì wà (ms yìí, bí Task Manager ṣe ń kọ ọ́, jẹ́ ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá). Bó bá débẹ̀, yóò tún dúró kí ibi tó ń wá yí dé abẹ́ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 4 ms mìíràn. Ó ti di 13 ms fún ohun kan ṣoṣo. Ẹ pín 1000 sí ọ̀nà 13, ẹ ó rí i pé díìsìkì náà kò lè mú ju nǹkan bíi 77 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àwọn ohun tó ń wá bá fọ́n káàkiri.

Fífọ́n káàkiri yìí gan-an ni wàhálà. Bí ẹ bá ń da fídíò ńlá kan kọ, apá yẹn kì í rìn púpọ̀, díìsìkì yín sì lè ka 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìmí gúlegúle. Windows tó ń jí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló ń wá, èyí lápá òsì, ìyẹn lápá ọ̀tún. Ká ní ìgbà 15,000 ló ní láti lọ mú nǹkan kí Chrome tó ṣí. Ní 77 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ti lọ nìyẹn. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí tàbí tó ń sáré. Ó ń mú ohun kéékèèké kọ̀ọ̀kan láàárín nǹkan bíi 0.1 ms, nítorí náà 15,000 kan náà á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.5. Lójú ayé, pírósẹ́sọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó fẹ́ ṣe, ẹ má ṣe retí ìṣẹ́jú àáyá 1.5 o. Fún irú kọ̀ǹpútà yín, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 40 láti orí bọ́tìnì títí dé ìgbà tí nǹkan ṣeé tẹ̀ ni mo lè fọkàn sí.

Ọ̀nà kejì tí díìsìkì fi ń dé 100% nìyí. Bí mẹ́mọ́rì bá fẹ́ kún, Windows á kó lára ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sínú fáìlì kan lórí díìsìkì, orúkọ rẹ̀ ni `pagefile.sys`. Bí ẹ bá padà sí ojú ìwé tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀, á tún kó o wá. Lílọ bíbọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí díìsìkì máa pariwo gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ṣí ohun tuntun kankan. Ẹni tó bá wo Disk nìkan á dá díìsìkì lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mẹ́mọ́rì ló rán an níṣẹ́.

Ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn pẹ̀lú Restart. Ẹ má lo Shut down fún ìdánwò yìí, torí Fast Startup máa ń tọ́jú apá kan Windows sórí díìsìkì nígbà tí ẹ bá pa á, ìwọ̀n tí ẹ mú kò ní pé. Gbàrà tí ojú kọ̀ǹpútà bá yọ, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Disk 0. Ẹ má wo 100% yẹn nìkan. Ẹ wo Read speed àti Average response time. Bí Active time bá wà ní 100%, tí Read speed kò ju 1 sí 3 MB/s lọ, tí Average response time sì ń lọ sí 100 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá inú díìsìkì ló ń sáré kiri láàárín fáìlì kéékèèké. Ẹ wo Memory lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà. Bó bá ṣì wà ní nǹkan bíi 60%, kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn mẹ́mọ́rì ní àsìkò títàn.

Ó ku àsìkò iṣẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò pọ̀ lójúmọ́: Chrome pẹ̀lú iye táàbù tí ẹ máa ń ṣí gan-an, Excel pẹ̀lú fáìlì tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yín, àti ohun yòówù tó bá kù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ní ojú Memory, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Committed sí. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, ká ní 7.3/12.4 GB. Àkọ́kọ́ ni iye tí gbogbo ètò tó wà ní ṣíṣí ti bèèrè. Èkejì ni mẹ́mọ́rì àti `pagefile.sys` papọ̀. Bí àkọ́kọ́ kò bá ju 8 lọ, 8GB tí ẹ ní ṣì ń gbé e. Bó bá jẹ́ 11 tàbí 12, ẹ ti ń jẹ gbèsè lára díìsìkì. Láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ kọ `resmon` sínú àpótí ìwá, ẹ ṣí ibi Memory níbẹ̀, kí ẹ máa wo Hard Faults/sec bí ẹ ṣe ń ti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Ó máa ń fò sókè nígbà tí ẹ bá ṣí ètò tuntun, ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àmọ́ bó bá ń dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ lẹ kàn ń padà sí, mẹ́mọ́rì kò tó yín mọ́ nìyẹn.

Bí ìdánwò kejì yìí bá dá mẹ́mọ́rì lẹ́bi ńkọ́? Èmi á ṣì ra SSD ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ tiyín, torí ìṣẹ́jú 4 ti àárọ̀ kò ní dín kù bí ẹ bá tilẹ̀ fi 32GB sí i, nígbà tó jẹ́ pé `pagefile.sys` náà á bá Windows lọ sórí SSD. Kí ẹ kàn mọ̀ pé kò lè rọ́pò mẹ́mọ́rì: SSD ń dáhùn ní nǹkan bíi 0.1 ms, mẹ́mọ́rì ní nǹkan bíi 0.0001 ms. Ìlọ́po 1000 ló wà láàárín wọn.

Ó wá kan rírà. Ẹ ó rí SSD onígun mẹ́rin pẹlẹbẹ, 2.5 ínṣì, tó ń lo wáyà SATA, ẹ ó sì tún rí èyí tó dà bí ègé mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní M.2. Ti SATA kò lè ju nǹkan bíi 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, M.2 oní-NVMe lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ìran tiyín lè dé 3500MB. Nọ́ńbà yẹn ń wọni lójú, àmọ́ fídíò ńlá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fún fáìlì kéékèèké tí Windows ń wá bó bá ń jí, ìyàtọ̀ méjèèjì kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí iye wọn bá sún mọ́ra, tí mọ́dábọ́ọ̀dù yín sì ní ihò M.2, ẹ mú NVMe, kò ní wáyà kankan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, SATA ti tó, kò sì sí ohun tí ẹ pàdánù.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú M.2 ṣáá. Ihò kan náà lójú lè jẹ́ ti NVMe, ti SATA, tàbí ti méjèèjì, èyí tó bá sì tàsé kò ní hàn rárá bó tilẹ̀ wọlé ṣinṣin. Ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́. Wọ́n á kọ PCIe, tó jẹ́ ọ̀nà tí NVMe ń lò, tàbí SATA síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ M.2. Ẹ wò ó níbẹ̀ kan náà bóyá lílo ihò yẹn máa ń pa ọ̀kan nínú ojú SATA, torí bí díìsìkì àtijọ́ bá wà lójú tí wọ́n pa, ẹ ó rò pé ó ti kú.

Ní ti ìtóbi, 500GB ni kí ẹ rà. Windows á kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà bíi 465GB, torí ọ̀nà tó gbà ń ka GB yàtọ̀ sí ti ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ. 210GB yín kò ní dé ìdajì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí 240GB tan yín: 223GB ló máa hàn, á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lọ́jọ́ kìíní. SSD tó kún dẹ́múdẹ́mú máa ń falẹ̀ bó bá ń kọ nǹkan, torí kò ní ibi tó ṣófo tó lè máa ṣí nǹkan sí. Kí nǹkan bíi 15% sí 20% máa wà lófìfo.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù, ẹ mọ ìlera díìsìkì àtijọ́, torí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, títí kan Windows, lẹ máa dà kọ sórí SSD. CrystalDiskInfo ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìlà 05, Reallocated Sectors Count, àti C5, Current Pending Sector Count, ní abẹ́ Raw Values. Bí C5 kì í bá ṣe òdo, àwọn ibì kan wà tí díìsìkì náà kò rí kà mọ́, àdàkọ sì lè há síbẹ̀. Ẹ kó àwọn fáìlì pàtàkì sórí díìsìkì ìta ní kíá, kí ẹ wá fi Windows tuntun sórí SSD dípò dídà á kọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ òdo náà, ẹ ṣì kó wọn pamọ́ síbòmíràn. Ewu tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kéèyàn yan díìsìkì tó ṣófo bí orísun kó sì da òfìfo bo fáìlì tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ti fo ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀.

Ohun kejì ni Device encryption Windows 11, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tó wà lórí díìsìkì. Ó lè ti ti díìsìkì yín pa láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Terminal (Admin), ẹ kọ èyí:

```
manage-bde -status C:
```

Ẹ wo Conversion Status. Bó bá kọ Fully Decrypted, ẹ máa lọ. Bó bá kọ Fully Encrypted tàbí Used Space Only Encrypted, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà oní-nọ́ńbà 48 sórí bébà, lẹ́yìn náà kí ẹ pa Device encryption nínú Settings, lábẹ́ Privacy & security, kí ẹ sì dúró títí Percentage Encrypted yóò fi di 0.0%. Lórí díìsìkì àtijọ́, ìyẹn lè gba wákàtí díẹ̀. Ẹ lè tún un tì lórí SSD tí iṣẹ́ bá parí.

Bí gbogbo ìyẹn bá ti dáa, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kí Fast Startup má fi ohunkóhun sílẹ̀ ní ìdajì:

```
shutdown /s /t 0
```

Ẹ yọ wáyà iná lẹ́yìn, ẹ tẹ bọ́tìnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí iná tó ṣẹ́ kù jáde, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí iná ara yín lè sọ̀ kalẹ̀. SSD oní-SATA nílò wáyà méjì: èyí tó tín-ínrín láti mọ́dábọ́ọ̀dù, àti èyí tó fẹ̀ láti inú àpótí tó ń pín iná. Ojú méjèèjì ní ìrísí lẹ́tà L, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọlé. Bó bá kọ̀, ẹ yí i padà, ẹ má fagbára tì í. Ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kíákíá, kò sì ṣeé lẹ̀. Wáyà tín-ínrín yẹn kì í sábà bá SSD wá nínú páálí, ẹ rà á pọ̀. Bí kò bá sí àyè 2.5 ínṣì nínú àpótí, SSD fúyẹ́, kò ní ohun tó ń yí, síkúrù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti tó láti dì í mú.

Ní ti M.2, ẹ tì í sínú ihò rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi ìwọ̀n 30, títí wúrà ẹnu rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Orí rẹ̀ á gbé sókè fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ rọra, kí ẹ fi síkúrù kékeré dè é. Síkúrù yẹn ló máa ń sọ nù. Ẹ wá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; ó lè jẹ́ pé ara mọ́dábọ́ọ̀dù ló wà.

Ẹ dá iná padà, ẹ tàn án. Windows á ṣì jí láti orí díìsìkì àtijọ́, SSD á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún ìdàkọ, sọ́fítíwia tí ẹni tó ṣe SSD náà ń fúnni ló rọrùn jù, torí ó máa ń ṣe ohun kan tí àwọn kan kì í ṣe: yóò sún C: kúrò ní 931GB wá sí 465GB fúnra rẹ̀. Clonezilla, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó sì lágbára, kì í gbà láti da díìsìkì ńlá kọ sórí kékeré bí ẹ kò bá kọ́kọ́ dín ìpín rẹ̀ kù, Windows sì máa ń fi ìpín ìgbàpadà kan sẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn C:, tó ń dí ọ̀nà. Ẹ má bá a wọ̀jà.

Nínú sọ́fítíwia náà, orísun ni díìsìkì tó ń kọ 931GB, ibi tó ń lọ ni 465GB. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn sókè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ ti gbogbo ètò mìíràn. Bí díìsìkì bá ń kà ní 100MB fún ìṣẹ́jú àáyá kan, 210GB á gba ìṣẹ́jú 35, àmọ́ fáìlì kéékèèké á fà á gùn dé wákàtí kan tàbí méjì. Bó bá dúró sójú kan fún wákàtí kan, tí díìsìkì sì ń ké kẹ́kẹ́ẹ́kẹ́, ẹ padà lọ wo C5.

Ẹ̀yìn ìdàkọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà díìsìkì àtijọ́ kúrò, kí SSD nìkan wà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó máa jí. Ìdí ni pé àmì ìdánimọ̀ kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì báyìí. Bí Windows bá rí ìbejì, ó lè jí láti orí ti àtijọ́, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí owó yín kò ṣiṣẹ́. Tàbí kó kọ Offline sára ọ̀kan nínú Disk Management. Bó bá di dandan, ẹ tẹ Del tàbí F2 bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn láti wọ BIOS, ètò inú mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń ṣáájú Windows, kí ẹ fi Windows Boot Manager tó ní orúkọ SSD lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣáájú.

Bí ojú búlúù bá yọ pẹ̀lú `INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE`, ẹ má rò pé àdàkọ ti bàjẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé nígbà tí ẹ wọ BIOS, ọ̀nà SATA ti yí láti AHCI sí RAID, tàbí òdì rẹ̀. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ NVMe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jí sínú Safe Mode lẹ́ẹ̀kan. Windows á mọ díìsìkì tuntun náà níbẹ̀, ẹ ó sì lè tún un tàn bó ṣe yẹ.

Bó bá ti jí dáadáa, ẹ kọ `dfrgui` sínú àpótí ìwá. Níwájú C:, ó yẹ kó kọ Solid state drive. Bó bá ṣì ń pè é ní Hard disk drive, ẹ lo `winsat formal` nínú Terminal (Admin), yóò tún un wọ̀n. Kí ẹ sì wo èyí náà:

```
fsutil behavior query DisableDeleteNotify
```

NTFS gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ìyẹn ni pé Windows ń sọ fún SSD nígbà tí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, kó lè múra ibẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn.

Ẹ tọ́jú díìsìkì àtijọ́ bó ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, láìfi wáyà sí i. Òun ni ẹ̀rí yín pé kò sóhun tó sọ nù. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà, ẹ pa ìpín orí rẹ̀ rẹ́ nínú Disk Management (931GB ni o, kì í ṣe 465GB), ẹ fi New Simple Volume dá ìpín tuntun síbẹ̀, kí ẹ máa kó fídíò àti fọ́tò sí i. Ó ṣì dára fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí C7, UltraDMA CRC Error Count, bá ń pọ̀ sí i lójú CrystalDiskInfo, wáyà tín-ínrín ló ní àrùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí owó bá tún dé tí Committed yín sì ń kọjá 8, ẹ wá fi mẹ́mọ́rì kún un. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ báyìí pẹ̀lú PowerShell:

```
Get-CimInstance Win32_PhysicalMemory |
 Select-Object DeviceLocator, Capacity, ConfiguredClockSpeed, PartNumber
```

Bí ìlà kan ṣoṣo bá jáde pẹ̀lú Capacity 8589934592, ègé kan oní-8GB lẹ ní. Ẹ ra ìkejì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà méjì oní-4294967296, ẹ wo Slots used nínú Task Manager kí ẹ mọ̀ bóyá ihò kù. Core i5 ìran kẹjọ sábà máa ń wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù DDR4. DDR3 àti DDR5 kò ní wọlé, nítorí kòńgé ẹnu wọn kò bá a mu. Ti kọ̀ǹpútà àgbéká náà kúrú jù. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni mẹ́mọ́rì sáfà, tí wọ́n kọ Registered tàbí RDIMM sí lára. Ó jẹ́ DDR4, ó máa wọlé ṣinṣin, owó rẹ̀ sì lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù yín kò ní jí pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò burú, ìyára èyí tó falẹ̀ jù ni àwọn méjèèjì máa lò.

Bí ihò mẹ́rin bá wà, ègé méjì sábà máa ń lọ sí ìkejì àti ìkẹrin bí ẹ bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀, A2 àti B2, kí pírósẹ́sọ̀ lè máa bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí méjèèjì títí ẹ ó fi gbọ́ kàk. Bí kọ̀ǹpútà bá wá tàn tí ojú rẹ̀ sì dúdú kirimú, tó ń ké fíìn-fíìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ègé kan kò wọlé tán. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jí, ẹ lo `mdsched.exe` kó tó di pé ẹ ṣí iṣẹ́ gidi. Mẹ́mọ́rì tó ní àbùkù kì í sábà kú lẹ́ẹ̀kan; á máa ba fáìlì jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà tí SSD àti mẹ́mọ́rì kò ní yí padà. Nínú Task Manager, ẹ ṣí Startup apps, ẹ wo Last BIOS time lókè lápá ọ̀tún. Iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni mọ́dábọ́ọ̀dù ń lò kí Windows tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bó bá kọ 25 tàbí 30, ẹ yọ fíláàṣì tàbí díìsìkì ìta tó wà lẹ́yìn, kí ẹ sì wọ BIOS lọ pa títàn láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sábà máa ń jẹ́ Network Boot tàbí PXE níbẹ̀. Àwọn ètò tó bá ní High níwájú Startup impact nínú ojú ìwé kan náà, tí ẹ kì í lò láàárọ̀, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ wọ́n, ẹ yan Disable.